Hikmat Ṣí Inú Àpótí Fáyé Rí

Nígbà tí Hikmat ṣe àpótí iná tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi agbo ilé wọn parí, ohun tó ṣe gbẹ̀yìn ni pé ó yọ́ àbẹ́là sínú agolo, ó sì dà á lé gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà lórí, títí tí ojú kò fi rí nǹkan kan mọ́ àfi funfun. Kí ó tó dà á, ó ti fi sáńpépà ha orúkọ kúrò lára gbogbo ohun tó ní orúkọ. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ògúnlẹ́yẹ ló kọ́ ọ. Ní Bẹẹrẹ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, níbi tó ti ń tún sitẹbiláísà àti ínfátà ṣe. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ọmọ iṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ rú: iṣẹ́ kì í jáde láì jẹ́ pé a ti ha á, a sì ti dà á ní àbẹ́là. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, kó wá kọ́ṣẹ́. Ẹ má sì rò pé Ògúnlẹ́yẹ nìkan ló ní irú ahun bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rìn láti Bẹẹrẹ dé Mápó, tí ẹ ń tú ẹ̀yìn rédíò wò, ẹ ó rí i pé àwọn oníṣẹ́ ìlú yìí lè fún yín lóúnjẹ ẹnu wọn, ṣùgbọ́n wọn kò ní fún yín ní nọ́ńbà tó wà lára tiransítọ̀.

Àpótí Hikmat wúlò gan-an. Ní agbo ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà, iná kì í sábà lọ pátápátá. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ ni, gílóòbù á pọ́n bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga á wá máa kùn láì lè yí. Bí ẹ̀rọ bá ń tiraka lórí iná tó ti rẹ̀ báyẹn, gbígbóná ló ń gbóná títí á fi jó. Ọ̀kan ti jó, òmíràn ti tẹ̀ lé e. Ìgbà tí wọ́n ra ẹ̀kẹta ni Hikmat ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ohun tí yóò máa já iná fún un kó tó bàjẹ́. Ó ṣe é. Lọ́jọ́ tí iná kọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ilé gbọ́ tí àpótí náà dún “kọ̀”, ẹ̀rọ dákẹ́, bàbá àgbà wọn, Alhaji Sàláúdéènì, sì gbàdúrà fún un lójú gbogbo ènìyàn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún bi àpótí léèrè nǹkan kan.

Àmọ́ àdúrà kì í ṣe iṣẹ́ oṣù. Hikmat ti jáde pólì tipẹ́, ṣájà fóònù ló ń tà ní Ọjà'ba, àwọn tí wọ́n jọ jáde tí wọ́n ní ẹni lẹ́yìn sì ti wọlé síbi tí wọ́n fẹ́ wọ̀. Nígbà náà ni ilé iṣẹ́ kan ní Òkè-Àdó, tí wọ́n ń ṣe ínfátà tó ń lo iná oòrùn, kéde pé àwọn ń wá ẹnì kan. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ rí sàtífíkéètì, àwọn kò sì fẹ́ gbọ́ pé ta ló rán ẹ. Kí olúkúlùkù ṣe ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa ohun kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Hikmat ka ìkéde náà lákàtúnkà. Ilẹ̀kùn kan nìyí tí wọn kò fi mọ̀lẹ́bí ẹnikẹ́ni ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá gba ibẹ̀ wọlé, ṣájà ni òun yóò máa tà lọ.

Ó ya fọ́tò àpótí náà níta, lápá ọ̀tún, lápá òsì, ó kọ ọ̀rọ̀ tó dùn bí oyin sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́. Èsì kò pẹ́ dé. Ẹnjiníà Evelyn, tó ń darí yàrá iṣẹ́ wọn, ló kọ ọ́: “Àpótí yín dára lójú. Ṣùgbọ́n àpótí nìkan la rí. Kí ló wà nínú rẹ̀? Àwòrán sákíìtì rẹ̀ dà? Báwo lẹ ṣe dán an wò, kí lẹ sì rí? A ń retí yín títí di ọjọ́ Jímọ̀.”

Ó dun Hikmat, nítorí pé òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè ya àpótí tó rà lọ́jà. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe gbé sákíìtì síta? Ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti Ògúnlẹ́yẹ: rẹsítọ̀ kan ṣoṣo, ohun kékeré tó ń dín iná kù, tó gba ẹ̀yìn padà, tí kì í jẹ́ kí àpótí máa já, máa so, máa já, máa so, bí iná bá ń mì. Lọ́jọ́ tó gba òmìnira iṣẹ́, Hikmat ti ṣèlérí níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé òun kò ní tú àṣírí ọ̀gá òun. Ó wọ híjáàbù rẹ̀, ó di Bẹẹrẹ.

Ògúnlẹ́yẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìdí kó tó gbé irin ìjó-léèdì tó fi ń lẹ wáyà mọ́ pátákó sílẹ̀. “Kí n kọ́ ẹ níṣẹ́, kí o wá lọ tẹ́ ẹ sójú títì bí ẹni ń sá ẹ̀lùbọ́?”

“Ọ̀gá, ẹ má bínú. Wọ́n ní bí àwọn ò bá rí sákíìtì, àwọn ò lè gbà mí.”

“Bí wọ́n bá sì ti rí i, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ẹ́ ṣe? Wọ́n á mú un, wọ́n á sì ní kí o máa lọ. Ojú mi ti rí i rí.”

Hikmat ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn rẹ̀ tó ti ń gbé kiri láti ìgbà tó wà ní pólì, tí kò sì lè sọ. Ẹ̀rù bà á, ó sọ ọ́.

“Ọ̀gá, rẹsítọ̀ tó gba ẹ̀yìn padà yẹn, wọ́n kọ́ wa ní pólì. Ó wà nínú ìwé. Ọjọ́ tí tíṣà yà á sójú pátákó, ó kù díẹ̀ kí n dìde pé iṣẹ́ ọ̀gá mi nìyí.”

  Fúnra Ògúnlẹ́yẹ ló wá ọgbọ́n yẹn rí, lórí sitẹbiláísà kan tó ń dààmú rẹ̀, kò sí ìwé, kò sí olùkọ́.

“O ti mọ̀ láti ìgbà yẹn?” ó béèrè.

“Mo ti mọ̀, sà. Mi ò fẹ́ kó dùn yín ni.” Hikmat gbójú sókè díẹ̀. “Ọgbọ́n yẹn kì í ṣe àṣírí mọ́, Ọ̀gá. Ohun tó jẹ́ àṣírí báyìí ni pé ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òun la fi àbẹ́là bò mọ́lẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ògúnlẹ́yẹ lára. Ó wo àwọn sitẹbiláísà tó tò sórí pẹpẹ, gbogbo wọn ti di lábẹ́ àbẹ́là tán, kò sì sí orúkọ rẹ̀ lára ẹyọ kan. Ó ní, “Kọ orúkọ mi sí i. Kọ ọ́ dáadáa, fi àmì sí i lórí, kí wọ́n má baà pè é bí wọ́n ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá máa fi iṣẹ́ mi han ayé, mi ò fẹ́ jákujàku. Lọ ṣí àpótí yẹn, kí o gbé e wá ká dán an wò.”

Bí Hikmat ṣe délé, ó tú àpótí náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ìyá ilé sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má pẹ́ o, àwọn kò tí ì pọnmi tán. Iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Qúdrát, tó ń ṣe irun níwájú ilé. Ẹ̀rọ ìgbẹrun Qúdrát ni wọ́n gbé sórí àpótí náà, tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i, tí àbẹ́là sì ń yọ́ sínú àwo. Hikmat ń fi òwú nu ohun tó kù. Oníbàárà kan tó jókòó tirun-tirun béèrè pé ṣé wọ́n ti ń ṣe irun fún rédíò ni. Qúdrát ní bí ó bá lówó lọ́wọ́, àwọn á ṣe é fún un.

Hikmat gbé pátákó sákíìtì náà sẹ́bàá fèrèsé, níbi tí oòrùn kò ti kọ lù ú tààrà, ó tẹ́ ìwé funfun sábẹ́ rẹ̀, ó fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó ń wò ó lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ó yà á láti òkè, ó yí i padà, ó ya ẹ̀yìn rẹ̀ tí léèdì wà. Ìgbà tó wo fọ́tò náà lójú kọ̀ǹpútà ni ojú tì í. Gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ hàn pátápátá, ṣùgbọ́n ta ló lè mọ èwo ni èwo? Rẹsítọ̀ tó yẹ kó ní àwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lára, tí a fi ń mọ iye rẹ̀, ti di igi gbígbẹ. Ó wá kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan lórí fọ́tò náà, R1, R2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ya àwòrán sákíìtì lórí kọ̀ǹpútà, ó fi orúkọ kan náà sí i, kí ojú lè máa rìn láti fọ́tò lọ sí àwòrán láì ṣìnà. Láti inú orí rẹ̀ ni ó ti ya àwòrán náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ nǹkan yẹn, kí ni yóò tún máa wò?

Orí rẹ̀ sọ fún un pé R1 jẹ́ K mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn òhìmù ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀: bí iná bá lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi fọ́lítì 183, àpótí yóò já. Ó kọ ọ́ sójú ewé, inú rẹ̀ sì dùn sí bó ṣe tò.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé àpótí náà sórí tábìlì Ògúnlẹ́yẹ. Gílóòbù ni wọ́n fi dípò ẹ̀rọ omi. Ògúnlẹ́yẹ so ó mọ́ fáríàkì, ẹ̀rọ onírọ́bótó tí a fi ń yí iná sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yí ohùn rédíò sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ dì í mú fúnra rẹ̀. Hikmat ń wo mítà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 220. Nígbà tó di 190, gílóòbù ń tàn. Ó di 183, gílóòbù ń tàn. Ó di 175.  Ìgbà tó di 164 ni àpótí tó dún “kọ̀”.

Ògúnlẹ́yẹ wò ó. “Mélòó lo kọ?”

“183, sà.”

“Ẹ̀rọ omi yín ti ń jẹ ìyà nígbà náà. Àpótí ń ṣọ́ ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń tòògbé.”

Ojú Hikmat ṣókùnkùn. Gbogbo àdúrà tí Alhaji Sàláúdéènì gbà lé e lórí, orí irọ́ ni wọ́n gbà á sí. Ọjọ́bọ̀ sì nìyí, ọ̀la ni Jímọ̀. Ọkàn kan ní kó kó àpótí rẹ̀ lọ, kó sì kọ 164 sínú ìṣirò bí ẹni pé ohun tó fẹ́ nìyẹn tẹ́lẹ̀. Kò ṣe é. Ó wọn fọ́lítì tí àpótí fi ń ṣe òṣùwọ̀n, ó pé. Ó kù R1. Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò nínú léèdì, nítorí pé bí a bá wọn rẹsítọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà nílé, àwọn aládùúgbò rẹ̀ á dá sí i, mítà á sì purọ́. Ó fi mítà kàn án. K méjìlá.

Ó yọ ẹsẹ̀ R4, èyí tó yẹ kó jẹ́ K méjìlá. K mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló bá níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé e. Kí ó lè rọrùn fún un, kí ó tó jó wọn mọ́ pátákó ló ti ha àwọ̀ ara wọn kúrò, ó tò wọ́n sórí ọ̀rá, lẹ́yìn náà ló wá ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀: ìkejì lára ọ̀kan pupa, ìkejì lára èkejì àwọ̀ ewé. Ó ti fi sáńpépà pa ìyàtọ̀ náà rẹ́ kó tó nílò rẹ̀. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ògúnlẹ́yẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. “Àwọn olè la ń fi pamọ́ fún,” ó ní, “àwa la wá sọnù sínú ilé ara wa.”

Hikmat pààrọ̀ wọn. Ògúnlẹ́yẹ yí fáríàkì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 182, “kọ̀”. Ó yí i gòkè padà, gílóòbù kò sì tàn títí iná fi dé 196, bí ọgbọ́n ọkùnrin náà ṣe sọ pé kó rí. Wọ́n ṣe é léraléra, kò yẹ̀ ju fọ́lítì kan lọ. Hikmat ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó délé tó ń to ojú ewé náà, Qúdrát na ọrùn wò ó láti ẹ̀yìn. “Kí ni ti 164 yìí ń ṣe níbẹ̀? Pa á rẹ́ jàre. Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi á mọ̀, Àǹtí mi.”

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ gba ara ẹ síṣẹ́ ni?”

Ọ̀rọ̀ Qúdrát kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Àwọn àgbà ló ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n Hikmat ti pa àwọ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti rí ibi tó gbé òun dé, kò sì tún fẹ́ pa nǹkan kan rẹ́ mọ́. Ó fi ìdánwò àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, ó kọ “Ó kùnà” sí i lórí, ó fi fọ́tò àwọn rẹsítọ̀ oníhòòhò méjèèjì sí abẹ́ rẹ̀, ó ṣàlàyé bó ṣe ṣèèṣì àti bó ṣe rí i. Ìdánwò kejì tẹ̀ lé e, pẹ̀lú irú mítà tó lò àti gílóòbù tó fi dípò ẹ̀rọ. Ó kọ ọ́ pé òun kò ní da àbẹ́là lé iná lórí mọ́, nítorí ohun tó ń jó ni. Nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ ọ́ sí pé ọ̀dọ̀ Ògúnlẹ́yẹ ní Bẹẹrẹ ni òun ti kọ́ iṣẹ́, àti pé ọ̀gá náà ló kọ́ òun ní rẹsítọ̀ tó gba ẹ̀yìn padà, kí òun tó rí i nínú ìwé kankan. Wọ́n ń pe ìrun Jímọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó fi ránṣẹ́.

Kí ó tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó lọ jẹ́wọ́ fún Alhaji Sàláúdéènì pé àpótí náà kò pé látìgbà yìí wá, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni. Bàbá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó béèrè pé ṣé omi ń wá. Hikmat ní ó ń wá. Bàbá ní alihamudulilahi, ó sì ní kó fún òun ní kẹ́tùlù àlùwàlá òun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ránṣẹ́ pè é sí Òkè-Àdó. Ẹnjiníà Evelyn jẹ́ obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó fi gíláàsì sórí irun. Kò bi Hikmat léèrè ilé tàbí ọ̀nà. Ó mú un lọ síbi tábìlì kan, ó sì gbé aṣọ kúrò lórí ohun tó wà níbẹ̀.

“Ṣé o mọ èyí?”

Hikmat wò ó. Pátákó kan ni, ó mọ́ tónítóní, àwọ̀ gbogbo rẹsítọ̀ rẹ̀ ń dán. Kò rí i rí. Nígbà tó wo bí wọ́n ṣe tò ó, tó rí rẹsítọ̀ kan tó gba ẹ̀yìn padà, ó mọ̀ ọ́n.

“Sákíìtì mi ni, mà.”

“Òun ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ́ ọ láti orí ojú ewé ẹ. Wọn ò pè ẹ́, wọn ò bi ẹ́ ní nǹkan kan.” Ó yí fáríàkì sílẹ̀. Ní 181, pátákó náà dún “kọ̀”. Ó yí i gòkè, ó sì padà ní 195. “Ojú ewé tó wá sọ́dọ̀ wa pọ̀, àwọn míì sì dára lójú ju tìẹ lọ. Ṣùgbọ́n tìẹ nìkan la lè tẹ̀ lé láti òkè délẹ̀ tí nǹkan á fi ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Níbi tí o ti kọ ọ́ pé o kùnà sì ni mo ti gbà ẹ́ gbọ́. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, máa bọ̀ níbi iṣẹ́.”

Hikmat dúpẹ́ títí ó fi délẹ̀. Kò lọ sílé. Takisí tó wọ̀, Bẹẹrẹ ló ní kó gbé òun lọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà débi pé ìyá tó jókòó tì í bi í bóyá ó ń lọ síbi ìkómọ.

Ògúnlẹ́yẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Kò béèrè bóyá wọ́n gbà á, ojú Hikmat ti sọ ọ́. Hikmat sọ fún un pé wọ́n ti kọ́ sákíìtì náà ní Òkè-Àdó, pé àwọn tí kò mọ àwọn méjèèjì rí ló kọ́ ọ láti orí àwòrán.

“Mélòó ló ti já?”

“181, sà. Ó sì padà ní 195.”

“Ṣé ẹnì kan lára wọn ti dé ṣọ́ọ̀bù yìí rí?”

“Kò sí, Ọ̀gá. Orúkọ yín ni wọ́n kà níbẹ̀.”

Ògúnlẹ́yẹ rọra jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀. “Ẹni tí kò dé Bẹẹrẹ rí ló ṣe é,” ó ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, “ó sì ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.” Omi lé sí ojú ọkùnrin náà, kò nù ún. Hikmat kò sọ fún un pé kó nù ún, nítorí pé tirẹ̀ náà ti ń bọ̀.